Ìlérí tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́: kí ló ya ẹgbẹ́ ìṣe àti ẹgbẹ́ òfin?

Mọrẹ́nikẹ́_ỌdúnKejì

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà ibí. Ẹ̀kọ́ fìlọ́sọ́fì ni mò ń kọ́, ọ̀rọ̀ kan sì ń dà mí láàmú. Ọkọ̀ ojú omi rì, ọkùnrin méjì bá ara wọn ní erékùṣù tí èèyàn ò gbé. Ọ̀kan ń kú lọ. Ó bẹ ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé tó bá délé láàyè, kó kó gbogbo owó tí òun ní fún ẹgbẹ́ eléré ẹṣin. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣèlérí. Nígbà tó délé, ó rí i pé ilé ìwòsàn á fi owó yẹn ṣe ohun tó dáa jùyẹn lọ. Ẹnikẹ́ni ò gbọ́ ìlérí náà. Lẹ́kíṣọ̀ wa ní ọ̀wọ́ onímọ̀ ìwà méjì ló ń jiyàn lórí rẹ̀: ẹgbẹ́ ìṣe máa ní kó gbé owó fún ilé ìwòsàn, ẹgbẹ́ òfin máa ní kó mú ìlérí ṣẹ. Bẹ́ẹ̀ àwọn méjèèjì ló ní àǹfààní gbogbo èèyàn ni òṣùwọ̀n ìwà. Kí ló wá yà wọ́n?

Káyọ̀dé_Agbẹjọ́rò

Èyí ò le rárá, àbúrò mi. Ẹgbẹ́ ìṣe ni àwọn tí ìlérí ò já mọ́ nǹkan kan lójú wọn. Bí ayọ̀ díẹ̀ bá ti lé lápá ibòmíràn, wọ́n ti yẹ àdéhùn nìyẹn. Ẹgbẹ́ òfin ní tiwọn, ìlérí ni ìlérí, ọ̀run ì báà ya. Kọ ọ́ báyẹn, wàá gba máàkì rẹ.

BàbáTíṣà

Káyọ̀dé, o sọ òótọ́ díẹ̀, àmọ́ ọmọ yìí á pàdánù máàkì tó bá kọ ọ́ báyẹn. Ẹ jẹ́ kí n mú un díẹ̀díẹ̀, ọgbọ̀n ọdún ni mo fi kọ́ àwọn èèyàn ní nǹkan yìí kí n tó fẹ̀yìn tì.

Ìtàn erékùṣù yẹn, J.J.C. Smart ló sọ ọ́, lọ́dún 1956. Adelaide ní Ọsirélíà ló ti ń ṣiṣẹ́ olùkọ́ nígbà náà. Ẹgbẹ́ ìṣe lòun fúnra rẹ̀, ó sì sọ gbangba pé ilé ìwòsàn lòun máa gbé owó fún. Ṣùgbọ́n kì í ṣe pé ìlérí ò jọ ọ́ lójú. Ẹni tó bá wà nínú ẹgbẹ́ ìṣe, tó sì mọ iṣẹ́ rẹ̀, gbogbo nǹkan ló máa kà: ìjákulẹ̀ ẹni tí wọ́n ṣèlérí fún, ètò tó ti ṣe sílẹ̀ nítorí ìlérí náà, bí àwọn tó gbọ́ ò ṣe ní í gbà á gbọ́ mọ́, àti bí èké á ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í mọ́ òun alára lára. Tí ẹ bá ro gbogbo ìyẹn pọ̀, ọ̀pọ̀ ìgbà ló máa mú ìlérí rẹ̀ ṣẹ.

Ẹ wá wo ohun tí Smart ṣe. Ó pa ẹni tí wọ́n ṣèlérí fún, kò sí ẹni tó máa já kulẹ̀. Ó mú wọn lọ sí erékùṣù, kò sí ẹni tó gbọ́. Ó yọ gbogbo ewu tí dída àdéhùn máa ń fà kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ó fi ku ìlérí nìkan sílẹ̀. Ó wá bi wá pé: kí ló kù nínú rẹ̀ tó yẹ kó dè mí?

Ẹgbẹ́ ìṣe ní kò ku nǹkan kan. Ẹgbẹ́ òfin ní ìbéèrè yẹn gan-an ló wọ́. Wọn kì í béèrè pé kí ni ìṣe yìí máa bí lónìí. Wọ́n á ní: nínú gbogbo òfin tí a lè fi tọ́ ọmọ aráyé lórí ọ̀rọ̀ ìlérí, èwo ló máa ṣe aráyé láǹfààní jù bí ọ̀pọ̀ èèyàn bá fi sọ́kàn? Tí wọ́n bá ti rí òfin yẹn, òun ni wọ́n á fi wo ọkùnrin tó ti erékùṣù dé. Ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n gbé òṣùwọ̀n àǹfààní sílẹ̀, orí òfin ni wọ́n sì gbé e lé.

ÌyáÌbejì_Alátà

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Ọmọ mi Mọrẹ́nikẹ́, gbé owó olówó fún ẹni tó ní kí o gbé e fún. Owó òkú kì í ṣe ohun tí à ń fi ṣeré.

Mọrẹ́nikẹ́_ỌdúnKejì

Ẹ ṣé, màmá. Àmọ́ kò sí owó kankan lọ́wọ́ mi o, ìbéèrè inú ìwé ni 😅

ÌyáÌbejì_Alátà

Ah, mo rò pé ẹnìkan ló kú. Ó dáa. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí bàbá yẹn ń sọ, mo mọ̀ ọ́n lójú ayé. A dá àjọ kan lọ́jà wa, àwa méjìlá, ẹgbàáwàá náírà lọ́sẹ̀ lẹ́nu ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá kàn á kó 240,000. Èmi ló kàn lọ́sẹ̀ karùn-ún. Mo ti bá awakọ̀ tó ń kó tòmátò bọ̀ láti òkè Ọya sọ̀rọ̀, mo ní kó já apẹ̀rẹ̀ méjìlá sílẹ̀ fún mi láàárọ̀ ọjọ́ Ajé.

Ọjọ́ Àìkú ní alẹ́, ìyá alájọ wa ń sunkún bọ̀. Ó ní ọmọ ọ̀kan nínú wa ti wọ yàrá iṣẹ́ abẹ, òun sì ti gbé owó náà lọ síbẹ̀. Inú àpò tí ó máa ń dì mọ́ ìdí ni mò ń wò bó ṣe ń sọ̀rọ̀, ó pẹlẹbẹ. Mo ní kí Ọlọ́run dá ẹ̀mí ọmọ náà sí, ó sì dá a sí, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n awakọ̀ já tòmátò mi fún ẹlòmíràn.

Lọ́sẹ̀ kẹfà, àwọn mẹ́rin ò mú tiwọn wá. 160,000 ni mo kó. Àwọn tó ti kó tiwọn ló kọ́kọ́ ní àwọn ṣì ń wo bó ṣe ń lọ. Lọ́sẹ̀ keje, márùn-ún péré ló san. Ó tán síbẹ̀. Àwọn tó wà lẹ́yìn, tí wọ́n san láti ọ̀sẹ̀ kìíní títí ó fi dójú dé, 140,000 ló wọlẹ̀ mọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn lọ́wọ́. Ẹ bá mi wò ó, ṣé ìyá alájọ ṣe dáadáa àbí kò ṣe dáadáa? Títí dòní ni mi ò tíì mọ̀.

Káyọ̀dé_Agbẹjọ́rò

Ẹ ò rí i! Ohun tí mo ń sọ nìyẹn. Ẹgbẹ́ ìṣe ni ìyá alájọ. Ó wo ọmọ tó ń kú, kò wo àjọ.

Déjì_Máńṣẹ́sítà

Ẹ̀gbọ́n Káyọ̀dé, mi ò gbà. Ẹni tó wà nínú ẹgbẹ́ ìṣe ò gbọ́dọ̀ gbàgbé àjọ. Ká ka gbogbo rẹ̀: ẹ̀mí ọmọ lápá kan, ìgbẹ́kẹ̀lé tó bàjẹ́ àti owó àwọn tó wà lẹ́yìn lápá kejì. Lójú tèmi ẹ̀mí ọmọ ṣì wúwo jù. Ṣùgbọ́n kì í ṣe méjì yẹn nìkan ló wà nílẹ̀. Màmá, tí ìyá alájọ bá ti kọ́kọ́ wá bá yín kó tó gbé owó jáde ńkọ́?

ÌyáÌbejì_Alátà

Ta ni ó máa kọ̀? Mà bá ní kó máa gbé e lọ, ká pààrọ̀ ipò, èmi á kó lọ́sẹ̀ ẹni yẹn. Mà bá sì pe awakọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ìyẹn gan-an ló dùn mí.

Déjì_Máńṣẹ́sítà

Ó tán. Ẹgbẹ́ ìṣe alára máa dá ìyá alájọ lẹ́bi, torí ìṣe kan wà nílẹ̀ tó dáa ju èyí tó ṣe lọ: kó tẹ Màmá láago. Ẹgbẹ́ òfin náà á dá a lẹ́bi. Níbi tí èèyàn wà láàyè, tí ọ̀rọ̀ sì máa tú síta, ọ̀nà kan náà ni àwọn méjèèjì máa ń gbà. Ìdí nìyẹn tí Smart fi ní láti sá lọ sí erékùṣù kó tó rí ibi tí wọ́n ti yà.

BàbáTíṣà

Déjì, o ṣeun, o gba ẹrù lórí mi. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ fi kún un. Ìgbà tí Màmá bá sọ pé "máa gbé e lọ", ìlérí yẹn ti tú. Ẹni tí a ṣèlérí fún ló ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Ẹni tó kú ní erékùṣù ti gbé kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀ lọ.

Mọrẹ́nikẹ́_ỌdúnKejì

Ìyẹn ti yé mi. Ṣùgbọ́n kò tíì sí ohun tó fi hàn mí pé ẹgbẹ́ òfin tọ̀nà. Bí ibi tí wọ́n ti yà ò bá ju erékùṣù lọ, ta ló ń lọ sí erékùṣù? Kí ni ìyàtọ̀ náà wúlò fún?

BàbáTíṣà

Ìbéèrè gidi nìyẹn, ọ̀pọ̀ àwọn tí mo kọ́ ò béèrè rẹ̀.

Kọ́kọ́ gbọ́ èyí tó kéré. Lọ́dún 1930, W.D. Ross ní ká ro ó báyìí: tí mo bá mú ìlérí tí mo ṣe fún Lágbájá ṣẹ, àǹfààní 1,000 ló máa rí. Tí mo bá dà á, tí mo lọ ṣe oore fún Tàmẹ̀dù tí mi ò ṣèlérí kankan fún, àǹfààní 1,001 ló máa tibẹ̀ wá. A ti ka ìgbẹ́kẹ̀lé tó bàjẹ́ àti gbogbo ìyókù mọ́ ọn ná. Ẹgbẹ́ ìṣe gbọ́dọ̀ sọ pé kí n da ìlérí náà, nítorí ẹyọ kan ṣoṣo. Ross ò sọ pé a ò lè da ìlérí láé. Bí ìyàtọ̀ náà bá tóbi gan-an, òun náà á gbà. Ohun tó kọ̀ ni pé kí ìlérí máa wọ òṣùwọ̀n bí ohun tí kò ní ìwọ̀n tirẹ̀ rárá.

Èyí tó tóbi ni ti D.H. Hodgson, lọ́dún 1967. Ẹ jẹ́ ká padà sí àjọ Màmá. Ẹ ní gbogbo àwọn méjìlá jẹ́ ẹgbẹ́ ìṣe pọ́ńbélé, kò sí òfin mìíràn nínú wọn, gbogbo wọn sì mọ ara wọn bẹ́ẹ̀. Ìyá alájọ wá sọ fún Màmá pé, "Mo ṣèlérí, ìwọ ló máa kó lọ́sẹ̀ karùn-ún." Kí ni gbólóhùn yẹn fi kún ohun tí Màmá mọ̀ tẹ́lẹ̀? Ó ti mọ̀ pé lọ́sẹ̀ karùn-ún, ibi tí owó bá ti máa wúlò jù ni alájọ máa gbé e lọ. Bó bá ṣèlérí, bí kò bá ṣèlérí, ibẹ̀ náà ló máa gbé e lọ. Ohun kan ṣoṣo tó lè mú kí ìlérí yí òṣùwọ̀n padà ni pé Màmá ń retí, ó sì ti bá awakọ̀ sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n kí ló máa mú un retí? Ó mọ̀ pé alájọ ò ní mú un ṣẹ àyàfi tí òun bá ń retí. Alájọ náà mọ̀ pé Màmá ò ní retí àyàfi tó bá gbà pé wọ́n á mú un ṣẹ. Wọ́n dúró de ara wọn lẹ́nu ọ̀nà, kò sẹ́ni tó wọlé.

Nínú irú ọjà bẹ́ẹ̀, kò ní sí pé wọ́n ń da ìlérí, torí ìlérí gan-an ò ní sí. Ẹnì kan ò ní lè bá awakọ̀ tòmátò sọ̀rọ̀ sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀, àwọn èèyàn tí gbogbo wọn ń wá àǹfààní tó pọ̀ jù lójoojúmọ́ ló máa pàdánù ọ̀kan nínú ohun tó ń mú àǹfààní wá jù. Ibẹ̀ ni ìyàtọ̀ náà ti wúlò, Mọrẹ́nikẹ́, ó sì jìnnà sí erékùṣù.

Déjì_Máńṣẹ́sítà

Bàbá, ẹ má bínú, wọ́n ti dá Hodgson lóhùn. David Lewis kọ̀wé sí i lọ́dún 1972. Bí àwọn èèyàn bá ti ń retí pé ìlérí á ṣẹ, mímú un ṣẹ á di ohun tó dáa jù lóòótọ́, torí ìrètí náà ti wọ òṣùwọ̀n. Ìrètí ń bọ́ ìṣe, ìṣe ń bọ́ ìrètí. Òyìnbó ibí ò sí nínú ẹgbẹ́ kankan, apá òsì ọ̀nà ni gbogbo wọn ń wakọ̀ gbà. Kò sí ohun tó sọ pé apá òsì sàn ju ọ̀tún lọ, àfi pé gbogbo wọn ń retí rẹ̀ lọ́wọ́ ara wọn.

BàbáTíṣà

Mo mọ̀ ọ́n. Ó lágbára. Ó fi hàn pé ìlérí lè wà láàárín ẹgbẹ́ ìṣe tó bá ti wà tẹ́lẹ̀. Ohun tí kò fi tẹ́ mi lọ́rùn ni pé ìrètí náà ò lè ga ju ohun tí òṣùwọ̀n bá gbà lọ. Ní ọjọ́ tí 1,001 bá yọjú, gbogbo wọn mọ̀ pé ìlérí ti lọ. Iye ọjọ́ tí 1,001 máa yọjú nínú ọdún, ẹni tó bá tà lọ́jà mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n mi ò ní sọ pé mo ti ṣẹ́gun Lewis.

Ṣadé_Nọ́ọ̀sì

Ẹ jọ̀wọ́ o, èmi ò kàwé fìlọ́sọ́fì. Ṣùgbọ́n mo ti jókòó ti àwọn tó ń kú lọ. Ìyá àgbà kan di ọwọ́ mi mú lóru, ó ní kí n ṣèlérí pé mà á sọ fún ọmọ òun ọkùnrin pé òun ti dárí jì í. Mo ṣèlérí. Ìmí rẹ̀ tó ń ṣe gììrì gììrì tẹ́lẹ̀ rọlẹ̀, ó sì sùn. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ó ti lọ. Ọmọ náà dé, ó ń pariwo mọ́ wa, kò tiẹ̀ fẹ́ gbọ́ nǹkan kan nípa ìyá rẹ̀. Ó wù mí kí n dákẹ́. Mo sọ fún un. Kò dúpẹ́. Ṣé òkú kì í gbọ́ ni, àbí ó ń gbọ́, èmi ò mọ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé tí àwọn aláìsàn bá mọ̀ pé a kàn ń dá wọn lóhùn kí wọ́n lè sùn ni, oorun yẹn ò ní wá.

BàbáTíṣà

Nọ́ọ̀sì Ṣadé, ẹ ò kàwé rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ ti sọ ọ́. Smart ní dída ìlérí erékùṣù ò pa ẹnikẹ́ni lára. Bó bá jẹ́ ìṣe yẹn nìkan la wò, òótọ́ ni. Ẹ wá sọ ọ́ di òfin tí gbogbo èèyàn mọ̀: "Mú ìlérí ṣẹ, àyàfi tí ẹni tí o ṣe é fún bá ti kú, tí ẹlòmíràn ò sì gbọ́." Láti ọjọ́ tí òfin yẹn bá ti dé etí aráyé, gbogbo ẹni tó bá ń kú lọ lóru ló máa mọ̀ pé òun gan-an ni òfin náà ń bá wí. Kò sí ẹni tó máa lè fi ìlérí tù wọ́n nínú mọ́. Ìṣe kan lè wà níkọ̀kọ̀, òfin kì í wà níkọ̀kọ̀. Ìyàtọ̀ tí mò ń wá ọ̀rọ̀ tí mà á fi sọ nìyẹn.

Déjì_Máńṣẹ́sítà

Ìyẹn dùn létí. Ṣùgbọ́n David Lyons ti gbé ọ̀rọ̀ kan ka ẹgbẹ́ òfin lẹ́nu láti ọdún 1965. Bí ìdí tí ẹ fi fẹ́ òfin bá jẹ́ àǹfààní, ìgbàkígbà tí dída òfin bá máa mú àǹfààní tó pọ̀ sí i wá, ẹ ò bá kúkú kọ ọ́ sínú òfin bí àfikún. Àfikún kan, àfikún méjì, àfikún ẹgbẹ̀rún. Ní ìgbẹ̀yìn, ohun tí òfin yín máa sọ ò ní yàtọ̀ sí "ṣe èyí tó bá dáa jù". Ẹ ti di ẹgbẹ́ ìṣe láìmọ̀.

Káyọ̀dé_Agbẹjọ́rò

Ibi tí èmi lè sọ̀rọ̀ sí rèé, torí òfin ni iṣẹ́ mi. Òfin tó ní àfikún ẹgbẹ̀rún ò ṣe é kọ́ ọmọdé. Àwa tí wọ́n ń sanwó fún kí a kà á pàápàá ò fẹnu kò. Èèyàn lásán ò ní rántí rẹ̀ lọ́jọ́ tó bá nílò rẹ̀, ẹni tó bá sì gbọ́n á máa wá àfikún tó bá tirẹ̀ mu. Mo gbà pé mo ṣì í sọ níbẹ̀rẹ̀ tí mo ní "ọ̀run ì báà ya".

BàbáTíṣà

Èsì tí Brad Hooker fún Lyons lọ́dún 2000 kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí tìẹ, Káyọ̀dé. Ó ní òfin tí à ń wá ni èyí tó máa dáa jù tí ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ìran kọ̀ọ̀kan bá gbà á sọ́kàn, a sì gbọ́dọ̀ ka ìnáwó àti ìnira kíkọ́ ọ mọ́ ọn. Òfin tó gùn jù ń náni jù. Nítorí náà òfin náà á kúrú: mú ìlérí rẹ ṣẹ. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni òfin mìíràn máa wà, pé kí a yẹ jàǹbá ńlá sílẹ̀. Ẹni tó ṣèlérí oúnjẹ ọ̀sán tó rí ọmọ tó ń rì sómi lọ́nà, kó bọ́ sódò.

Mọrẹ́nikẹ́_ỌdúnKejì

Ẹ ṣeun gan-an. Ṣùgbọ́n bàbá, "jàǹbá ńlá" yẹn ni mi ò lè gbé mì. Tí owó yẹn bá lè ra ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo egungun inú ara, tí àwọn kan sì máa kú bí kò bá sí, ṣé jàǹbá ńlá kọ́ nìyẹn? Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹgbẹ́ òfin náà á gbé e fún ilé ìwòsàn. Tí kò bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, wọ́n á máa wo àwọn èèyàn kú nítorí ẹṣin.

BàbáTíṣà

Smart ní orúkọ tó ń pe èyí tó kẹ́yìn yẹn: bíbọ òfin bí òrìṣà. Ó ní bí ìwọ alára bá mọ̀ dájú pé dída òfin á dáa jù níbi kan, tí ìdí òfin náà sì jẹ́ àǹfààní, kí lo ṣì ń dúró tì í fún?

John Rawls ti gbìyànjú èsì kan lọ́dún 1955, ọdún kan ṣáájú Smart. Ó ní ìlérí dà bí eré bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń fi igi gbá ní Amẹ́ríkà. Ẹni tó wà lórí pápá ò lè ní kí wọ́n fún òun láǹfààní ẹ̀ẹ̀kẹrin torí pé ó máa dùn mọ́ àwọn tó ń wòran. Ẹni tó bá béèrè bẹ́ẹ̀, kò tíì mọ eré náà. Àǹfààní ni a fi ń yan eré tí a máa ṣe, kì í ṣe òun ni a fi ń yan ìgbá tí a máa gbá. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n èèyàn lè fi pápá sílẹ̀, kò sì sí ẹni tó ń wo pápá ní erékùṣù.

Ní ti ẹ̀rọ ilé ìwòsàn, ọmọ mi, mi ò ní ìdáhùn tó dá mi lójú. Èmi á kọ́kọ́ wádìí bóyá ọ̀nà mìíràn wà tí ilé ìwòsàn lè gbà rówó. Tí kò bá sí, mo rò pé mà á gbé e fún wọn, mà á sì sọ fún ẹgbẹ́ eléré ẹṣin pé mo jẹ wọ́n. Ẹgbẹ́ ìṣe á ní gbèsè wo? Èmi náà ò lè ṣàlàyé gbèsè yẹn fún wọn.

ÌyáÌbejì_Alátà

Mo ti ka gbogbo rẹ̀, ọmọ mi ló kà á fún mi. A ti tún àjọ dá o, àwa mẹ́jọ. Òfin kan ṣoṣo la fi kún un: ẹni tó bá kàn nìkan ló lè ní kí wọ́n gbé e fún ẹlòmíràn, lójú ẹni méjì. Ìyá alájọ àtijọ́ wà nínú wa. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló ń di owó mọ́ ìdí.